Abala àti Gègé: Bí A Ṣe Ń Yọ Ìyàtọ̀ Ilẹ̀ Kúrò Nínú Ìdánwò Oko

Ìfáárà

Bí ènìyàn méjì bá ń jiyàn lórí ẹni tí ó ga jù nínú wọn, tí ọ̀kan gun orí òkìtì, tí èkejì sì dúró nínú kòtò, kò sí àgbà kan tí yóò dá ẹjọ́ náà láìkọ́kọ́ sọ pé kí àwọn méjèèjì wá dúró sójú kan. Síbẹ̀, ohun tí ojú gbogbo ayé rí nínú ọ̀rọ̀ ìga yìí kì í tètè hàn sí ẹni tí ń dán ajílẹ̀ wò lórí oko: yóò fi ajílẹ̀ kan sí ibi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá, yóò fi òmíràn sí ibi tí yangí ti yọrí, nígbà tí ó bá sì kórè tán, yóò wí pé ajílẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ ni ó gba ẹnu ajílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ètò tí àwọn onímọ̀ fi ń mú irú àwọn abánidíje bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Nítorí pé abala ilẹ̀ àti ṣíṣẹ́ gègé ni òpó méjì tí ó gbé e ró, a ó máa pè é ní ètò abala onígègé.

Ilẹ̀ tí kò dọ́gba

Ìka kò dọ́gba, ilẹ̀ pẹ̀lú kò dọ́gba. Ìlárá-Mọ̀kín, ìlú Alárá, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀ nítòsí Àkúrẹ́, jókòó lórí àpáta àtayébáyé tí ó tẹ́ sábẹ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ Oǹdó, tí ó sì yọrí bí òkè ńláńlá ní Ìdànrè. Smyth àti Montgomery, tí wọ́n gbé ìwé jáde ní 1962 lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, fi hàn pé kì í ṣe irú àpáta tí ilẹ̀ ti ara rẹ̀ wá nìkan ni ó ń sọ irú ẹni tí ilẹ̀ jẹ́, bí kò ṣe ibi tí ó wà láti orí òkè dé etí odò pẹ̀lú. Àgbẹ̀ ìlú wa kò nílò ìwé kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀: lórí òkè, ilẹ̀ kì í jìn, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jìn, ní ìsàlẹ̀, níbi tí àgbàrá ti ń kó erùpẹ̀ sí, ọ̀rinrin máa ń pẹ́, títí a ó fi bọ́ sí àkùrọ̀ tí ẹ̀fọ́ ti ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tí ó bá gbin àgbàdo onígba aṣọ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó sì fi oríṣiríṣi ìtọ́jú sí i, ìyàtọ̀ méjì ni yóò kó sínú agbọ̀n lọ́jọ́ ìkórè: èyí tí ìtọ́jú fà, tí í ṣe ohun tí ó ń wá, àti èyí tí ilẹ̀ fà, tí kò wá ṣùgbọ́n tí ó tẹ̀ lé e wálé. Ìyàtọ̀ kejì yìí ni mo ń pè ní ìyàtọ̀ adojúrú, nítorí pé òótọ́ ni, kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀rọ̀ tí a ń wádìí ni ó ń dà rú.

Ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀

Ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò oko láti 1843, ni Ronald Fisher lọ ṣiṣẹ́ ní 1919. Ó bá àkójọ ìkórè ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, ó sì rí i pé wàhálà púpọ̀ nínú wọn kò ti ọ̀dọ̀ ìṣirò wá, bí kò ṣe láti ọ̀nà tí a gbà pín ilẹ̀ kí a tó gbìn. Ní 1926 ni ó kọ àpilẹ̀kọ lórí bí ó ṣe yẹ kí a to ìdánwò oko. Ní 1935, ó sọ ọ́ di odidi ìwé. Ohun mẹ́ta ni ó dì mọ́ra: kí a tún ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà, kí a ṣẹ́ gègé láti mọ ibi tí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí, kí a sì pín ilẹ̀ sí abala tí inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bára mu. Láti ibẹ̀ ni ètò náà ti dé àwọn oko ìwádìí wa, ti Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀gbìn Ilẹ̀ Olóoru tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, àti ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981.

Bí a ṣe ń fi í lélẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú oko kan ní ẹ̀yìn Ìlárá-Mọ̀kín, tí ó dà gẹ̀rẹ́ láti òkè lọ sí odò. Ìtọ́jú mẹ́rin ni a fẹ́ fi wéra lórí àgbàdo: A, tí a kò fi ohunkóhun sí, B, ìgbẹ́ adìẹ, C, ajílẹ̀ òyìnbó, àti D, ìdajì B pẹ̀lú ìdajì C. A ó gé oko náà sí abala mẹ́rin tí ó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan tẹ̀ lé e, títí dé ìsàlẹ̀. A ó sì pín abala kọ̀ọ̀kan sí ìpín mẹ́rin tí ó fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, kí ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ìwọ̀n ìga kan náà. Lẹ́yìn èyí, a ó kọ A, B, C àti D sí ègé ìwé mẹ́rin, a ó dà wọ́n sínú fìlà, a ó sì máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún abala àkọ́kọ́. Bí a bá tán níbẹ̀, a ó dá ìwé padà, a ó tún gègé ṣẹ́ fún abala kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹrin. Ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan yóò wà nínú abala kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí gègé kì í bá ṣègbè, kí ni a tún ń fi abala ṣe? Òótọ́ ni pé gègé kì í ṣègbè, ṣùgbọ́n kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀; bí a bá ṣẹ́ ẹ lórí gbogbo oko lápapọ̀, ó lè gbé mẹ́ta nínú B mẹ́rin gun orí yangí láìbínú sí ẹnikẹ́ni. Abala ń ṣe ìtọ́jú ìyàtọ̀ tí a mọ̀; gègé ń ṣe ìtọ́jú èyí tí a kò mọ̀, bí i kùkùté jíjó kan tàbí ilé ikán àtijọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan abala.

Ìṣirò rẹ̀

Àwọn iye tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, mo fọwọ́ ara mi ṣètò wọn kí ìṣirò lè rọrùn ni. Kì í ṣe ìkórè oko kan pàtó. Kílógíráàmù àgbàdo láti inú ìpín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dúró fún.

| Abala | A | B | C | D | Àárín |
|---|---|---|---|---|---|
| 1 (òkè) | 3.5 | 4.5 | 6.5 | 5.5 | 5 |
| 2 | 3.5 | 6.5 | 6.5 | 7.5 | 6 |
| 3 | 6.5 | 7.5 | 8.5 | 9.5 | 8 |
| 4 (ìsàlẹ̀) | 6.5 | 9.5 | 10.5 | 9.5 | 9 |
| Àárín | 5 | 7 | 8 | 8 | 7 |

Ẹ wo A tí ó wà ní abala kẹrin: 6.5 ni ó so láìjẹ ajílẹ̀ kankan, nígbà tí B ti abala kìíní so 4.5 péré pẹ̀lú gbogbo ìgbẹ́ adìẹ tí a bù sí i. Ẹni tí ó bá fi àwọn méjì yìí wéra yóò pàṣẹ pé kí a má fi ìgbẹ́ adìẹ sí oko mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi A àti B wéra nínú abala kan náà, yóò rí i pé B fi 1, 3, 1 àti 3 ju A lọ láti abala kìíní dé ẹ̀kẹrin: kò sí ibi tí A ti borí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìkórè ìpín kọ̀ọ̀kan ni a lè kọ báyìí:

`y = m + t + b + e`

níbi tí `m` ti jẹ́ àárín gbogbo oko, tí `t` jẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú, tí `b` jẹ́ ohun tí abala náà fi tọrẹ, tí `e` sì jẹ́ ìyókù tí a kò mọ orísun rẹ̀. Bí a bá yọ A kúrò nínú B láàrin abala kan náà, `b` kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. A yọ ọ́ kúrò nínú ara rẹ̀, ó sì di òfo. Ìtọ́jú ṣẹ́kù, ilẹ̀ ti lọ. Nítorí pé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan sì ti jẹ nínú abala gbogbo lọ́gbọọgba, ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí àárín wọn ní ìsàlẹ̀ tábìlì.

Bí a bá fi ìyàtọ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan sí 7 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì ro gbogbo wọn pọ̀, a ó rí 68. Nínú 68 yìí, ti abala jẹ́ 40, ti ìtọ́jú jẹ́ 24, èyí tí ó ṣẹ́kù jẹ́ 4. A pín 24 sí 3, nítorí pé ìtọ́jú mẹ́rin ní ìfiwéra olómìnira mẹ́ta, ó di 8. A pín 4 sí 9, tí í ṣe iye òmìnira ìyókù, ó di 0.44. 8 tó 0.44 lọ́nà 18, bẹ́ẹ̀ ààlà tí tábìlì Fisher fún wa ní ìdá 5 nínú 100 kò ju 3.86 lọ. Kò sí iyèméjì pé ìtọ́jú ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe bí ẹni pé kò sí abala. 40 ilẹ̀ yóò wọ inú ìyókù, yóò di 44. A pín in sí 12, ó di 3.67. 8 kò tó 3.67 ju lọ́nà 2.18 lọ, ààlà sì jẹ́ 3.49. Àgbàdo kan náà, òógùn kan náà, ṣùgbọ́n olùwádìí yóò kọ̀wé pé òun kò rí ìyàtọ̀.

Kí a má bàa pọ́n abala ju bí ó ti yẹ lọ, ó tọ́ láti sọ pé bí a bá ti ṣẹ́ gègé lórí gbogbo oko láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù tí a lè retí yóò wà ní ìwọ̀n 3.02, kì í ṣe 3.67. Bí a bá fi 0.44 pín in, ó súnmọ́ 6.8. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìpín mẹ́rin fún ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan nínú abala ń ṣe iṣẹ́ tí nǹkan bí ìpín 27 yóò ṣe láìsí abala.

Ibi tí ó ti ń kùnà

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a gé abala gba ibi tí kò yẹ. Bí abala kọ̀ọ̀kan bá gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn abala yóò jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n inú wọn yóò kún fún gbogbo ìyàtọ̀ tí a ń sá fún. A ń mọ̀ nígbà tí 40 tí a retí ní ọ̀dọ̀ abala bá di 2, tí ìyókù sì wú. Nínú ọ̀ràn yìí, àdánù kékeré tún wà: òmìnira ìyókù ti dín láti 12 sí 9, ààlà sì ti gòkè láti 3.49 sí 3.86. Owó orí kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí nǹkan rà kò yẹ kí ó san án.

Èkejì ni pé ètò yìí gbà pé ohun tí ìtọ́jú ń ṣe lókè náà ni ó ń ṣe nísàlẹ̀. Bí ìgbẹ́ adìẹ bá ń gba àgbàdo là lórí yangí, tí kò sì ṣe nǹkankan ní etí àkùrọ̀ tí ó ti lọ́ràá tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ B sí A yóò máa dínkù láti abala dé abala, kò ní lọ sókè sódò lásán bí 1, 3, 1, 3 tiwa. Níbẹ̀, àárín kan ṣoṣo ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ó sì yẹ kí a sọ èsì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹta kan ọwọ́ ènìyàn. Bí òjò bá lé wa kúrò lóko nígbà tí a ro abala méjì tán, kò burú, ìyàtọ̀ ọjọ́ yóò bá ti ilẹ̀ lọ sínú `b`. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àárín abala kan sílẹ̀ di ọ̀la, tàbí tí òṣìṣẹ́ kan ro gbogbo B tí òmíràn ro gbogbo C, a ti fi ọwọ́ ara wa hun ìyàtọ̀ mìíràn tí ìṣirò kò lè tú.

Gbogbo èyí ń fi hàn pé iṣẹ́ abala ti parí kí irúgbìn tó kan ilẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe é ní Ìlárá-Mọ̀kín yóò rin oko náà ní ọdún tí ó ṣáájú, yóò wo ibi tí ọkà àgbẹ̀ tí ó ń lò ó ti pọ́n, ibi tí omi ti ń dúró lẹ́yìn òjò, ibi tí ọkọ́ ti ń dún lórí òkúta. Yóò béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà, yóò sì fa okùn abala rẹ̀ gba ibi tí ìdáhùn bá tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó dúró di ìgbà tí ó kórè kí ó tó máa wá ìlà tí yóò là á, ìkórè ni ó ń pín, kì í ṣe ilẹ̀.