Ìwádìí Àìsàn Ìgbàgbé ní Ìdíkàn: Bí Ọ̀rọ̀ Kan Ṣe Ń Kúrò Lọ́dọ̀ Àwọn Onímọ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Ará Ìlú

Ní oṣù Kejì ọdún 2001, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana jọ ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ló léwájú níhà Amẹ́ríkà. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, tó jáde láyé ní 1995, wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Wọ́n tọ àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn: Yorùbá 2459 ní Ìbàdàn, níbi tí Ìdíkàn ti jẹ́ ojúkò iṣẹ́ náà, àti ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú 2147 ní ìlú Indiánápólísì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra nínú wọn. Wọ́n padà lọ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún méjì àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn tí àìsàn ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 nínú ọgọ́rùn-ún ní Indiánápólísì.

Iṣẹ́ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ní àwùjọ méjì tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Àwùjọ kìíní ni àwọn onímọ̀ ọpọlọ tó péjọ sí àpérò, tí wọ́n fún olùwádìí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwùjọ kejì ni àwọn ará Ìdíkàn fúnra wọn, àwọn tó jókòó dá àwọn olùwádìí lóhùn lọ́dún dé ọdún, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń tọ́jú wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé gígé ọ̀rọ̀ kúrú nìkan kọ́ ni a fi ń gbé e lọ láti àwùjọ kìíní sí èkejì. Ìwọ̀n ni ó ń yí padà: ohun tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú àwọn onímọ̀ lè di gbólóhùn kan níwájú ará ìlú, ohun tí onímọ̀ sì gbọ́ ní gbólóhùn kan lè di ọ̀nà àbáwọlé fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí ará ìlú yóò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní àpérò. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn onímọ̀ ni pé, báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Ní 1995, ẹgbẹ́ olùwádìí yìí kan náà ti sọ pé àwọn tí àìsàn ìgbàgbé ń bá jà lọ́wọ́ ní Ìbàdàn jẹ́ 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti Indiánápólísì jẹ́ 8.24, bí a bá ka àwọn tó wà nílé ìtọ́jú àgbàlagbà mọ́ ọn. Àríyànjiyàn kan sì wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fojú fò: iye aláìsàn tí a bá nílẹ̀ lọ́jọ́ kan dà bí omi inú àmù. Omi lè kéré nínú àmù nítorí pé ìwọ̀nba ni wọ́n ń pọn sí i, ó sì lè kéré nítorí pé àmù ń jò. Bí àwọn tí iyè wọn ra ní Ìbàdàn bá ń tètè kú, iye wọn yóò kéré láìjẹ́ pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ 2001 fi ṣe pàtàkì. Omi tí wọ́n ń pọn sí i ni ó wọ̀n, ìyẹn ni àwọn tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ní tèmi, síláìdì kìíní lẹ́yìn orúkọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí, kí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ odindi gbólóhùn tó sọ àbájáde, irú èyí tí Michael Alley gbà wá níyànjú láti máa kọ dípò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bíi "Àbájáde". Fún àpẹẹrẹ: "Àwọn tí àìsàn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indiánápólísì."

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà ìwádìí, ibẹ̀ ni àkókò tó pọ̀ jù sì gbọ́dọ̀ lọ. Ipele méjì ni àyẹ̀wò náà. Wọ́n kọ́kọ́ bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè, wọ́n sì tún bi ẹbí tó sún mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, dókítà yẹ apá kan nínú wọn wò dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni dókítà rí, nítorí náà ìṣirò ni a fi dé orí iye gbogbo àwùjọ, ìṣirò yẹn sì ní ààlà. Ti Ìbàdàn wà láàárín 1.13 àti 1.56, ti Indiánápólísì wà láàárín 2.11 àti 4.38. Méjèèjì kò kan ara wọn. Ṣùgbọ́n tí a bá mú àìsàn Alisáímà nìkan, ti Ìbàdàn jẹ́ 1.15, ó sì lè gòkè dé 1.35, ti Indiánápólísì jẹ́ 2.52, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé 1.40. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ààlà méjèèjì pàdé. Olùwádìí tó bá fi nọ́ńbà àárín nìkan han àwọn onímọ̀ ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́, ẹnì kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn yóò sì na ọwọ́ sókè béèrè rẹ̀. Ó sàn kí ó fúnra rẹ̀ yà á sójú àwòrán, kí ó tọ́ka sí ibi tí àlàfo náà ti tín-ín-rín.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Níwájú àwọn onímọ̀, gbólóhùn méjì ló tó fún un: a ti mú ọjọ́ orí àwùjọ méjèèjì dọ́gba nínú ìṣirò, a sì fi àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí Ajayi àti Igun ṣe ní 1963 mọ ọjọ́ orí àwọn tí kò ní ìwé ìbí. Ògúnníyì àti Ọ̀ṣuntókun ti dán àkójọ náà wò, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1993. Kí olùbánisọ̀rọ̀ sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní Ìdíkàn, ibi tí onímọ̀ yára kọjá yìí gan-an ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ bí ó ti rí kí ìyá ẹni má mọ ọdún tí wọ́n bí òun. Bí ìyá bẹ́ẹ̀ bá sọ pé òun ti ń rìn nígbà àjàkálẹ̀ lúkúlúkú ọdún 1918, ó ti fún olùwádìí ní nǹkan tó dì mú. Bí a bá ṣàlàyé èyí fún ará ìlú, wọ́n á rí i pé iṣẹ́ náà kò fi ojú ẹni tí kò kàwé wò wọ́n, wọ́n á sì rí ìdí tí ọjọ́ orí fi ṣe kókó, nítorí pé bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ni àìsàn yìí ṣe ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn àgbàlagbà: wọ́n ṣe é lọ́nà tí kò gbára lé mímọ̀ ọ́n kà. Láàárín àwọn ará Cree ní ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà ni wọ́n ti lo ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́ kí ó tó dé Ìbàdàn. Àwọn ọmọ tó jókòó níbẹ̀ yóò rántí pé wọ́n bi àwọn náà bóyá ìyá wọn ṣì ń dáná bí ti tẹ́lẹ̀, bóyá ó ń ṣìnà. Ẹ̀rí ẹbí yẹn jẹ́ ìdajì àyẹ̀wò náà, ó sì yẹ kí a sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ kedere, torí iṣẹ́ wọn ni.

Ìgbà tí a bá dé orí nọ́ńbà ni ewu pọ̀ sí jù. Gerd Gigerenzer àti Ulrich Hoffrage fi hàn ní 1995 pé ìṣirò ewu máa ń yé ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ tí a bá sọ ọ́ ní iye orí ènìyàn dípò ìdá. Wọ́n sì rí i lẹ́yìn náà pé àwọn dókítà pàápàá kò yàtọ̀. Nítorí náà 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní í bá wa dé Ìdíkàn. Kí a ní: ẹ kó ẹgbẹ̀rún kan àgbàlagbà Ìbàdàn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, lọ́dún kan, bíi mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá nínú wọn ni àìsàn ìgbàgbé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ní Indiánápólísì, yóò tó méjìlélọ́gbọ̀n. Kí ààlà náà má sì sọnù: ti ibẹ̀ lè jẹ́ mọ́kànlélógún, ó sì lè tó mẹ́rìnlélógójì. Ará ìlú gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní àpò mọ̀ pé iye kóńgò inú àpò kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ sọ ní òun nìkan ni pé "tiwọn ju tiwa lọ ní ìlọ́po méjì". Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn yóò di "àwa Yorùbá kì í ṣe é" kí ó tó dé ìdí ọkọ̀. Kí a lè ṣe ìdènà rẹ̀, ọdún kan ṣoṣo kò tó. Mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ́dún, láàárín ọdún márùn-ún, ó ti wà láàárín márùndínláàádọ́rin àti àádọ́rin nínú ẹgbẹ̀rún, bí a kò bá tilẹ̀ ka àwọn tó kú tàbí pé ọjọ́ orí ń gòkè. Ní àdúgbò tí àgbàlagbà ẹgbẹ̀rún kan wà, ìdílé púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò kàn.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ń dun ará ìlú lọ́kàn jù: kí ló fà á? Ṣé àmàlà ni? Ṣé àjogúnbá ni? Ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sódì, tó ń rìn kiri lóru, ni ayé ń bá jà, tàbí òun fúnra rẹ̀ ni àjẹ́? Ní àpérò, ọ̀rọ̀ jíìnì APOE ni yóò gba àkókò níbí yìí, torí pé láti 1995 ni wọ́n ti rí i ní Ìbàdàn pé ẹ̀yà jíìnì tó ń fa ewu Alisáímà níbòmíràn kò fi irú ìbátan bẹ́ẹ̀ hàn láàárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò. Ní Ìdíkàn, mo gbà pé kí a fi jíìnì sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí ìrìn yóò gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun ti dáàbò bo òun. Kí a sọ pé àwùjọ méjèèjì yàtọ̀ nínú oúnjẹ, nínú àìsàn mìíràn, nínú bí wọ́n ṣe ń gbé, ìwádìí yìí kò sì fi hàn èwo nínú wọn ló fa ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àjẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá láìdáhùn. Níwájú àwọn onímọ̀, kò ní í wáyé rárá. Níhìn-ín, ó lè gba ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò, torí pé àgbàlagbà obìnrin tí iyè rẹ̀ ra ni wọ́n máa ń fi ẹ̀sùn náà kàn. Ọpọlọ ni ó ń ṣàìsàn, bí ojú ṣe ń ní àrùn tí kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ni ín nínú rẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bó ti yẹ kò le. Ṣáájú ọjọ́ náà, kí olùwádìí pe ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò, kí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn, kí ó wá ní kí kálukú sọ ohun tó gbọ́ padà fún ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀. Kí ó má ṣe bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Gbogbo ènìyàn ni yóò ní ó yé òun, pàápàá níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ẹni tó ń ròyìn bá ní "wọ́n ní kì í ṣe Yorùbá", nọ́ńbà ọdún márùn-ún kò tíì wọlé, ó sì yẹ kí a gbé e síwájú. Bí ó bá ní "wọ́n ní àmàlà ló ń dènà rẹ̀", olùbánisọ̀rọ̀ ti fi àyè sílẹ̀ níbi tó yẹ kí ó ti sọ pé a kò tíì mọ ìdí. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè dókítà tí òun lè mú bàbá òun lọ rí, ó yẹ kí olùwádìí ti mú orúkọ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ tí wọ́n ń gba àgbàlagbà dání, kí ó kọ ọ́ sórí síláìdì tó kẹ́yìn, kí ó sì fi í sílẹ̀ lójú ògiri títí gbogbo ènìyàn yóò fi túká.