Ẹni tó bá ń fi káàdì rajà lókè òkun, kó ṣọ́ra fún iye tí wọ́n kọ ní náírà

Ẹni tó bá fi káàdì báńkì Nàìjíríà ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò òkè òkun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè bá ìbéèrè kan pàdé kó tó sanwó tán: ṣé dọ́là ló fẹ́ fi san án ni, àbí náírà? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń mú náírà, nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni owó àfikún tí kò hàn sójú máa ń wà.

Bí oníbàárà bá mú dọ́là, báńkì tó ni káàdì rẹ̀ ni yóò ṣẹ́ owó náà sí náírà. Ṣùgbọ́n bó bá mú náírà, oníṣòwò náà tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó ni yóò ṣẹ́ ẹ. Àwọn ni wọ́n ń dá iye tí dọ́là kan yóò jẹ́, wọ́n sì ti máa ń fi èrè tiwọn sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní 80 dọ́là ni ìwé kan, tí ojú ewé náà sì ní kí oníbàárà san 128,400 náírà. Bí a bá fi 80 pín in, dọ́là kan di 1,605 náírà. Bí báńkì rẹ̀ bá ń ṣẹ́ dọ́là ní 1,500 náírà fún àwọn oníkáàdì lọ́jọ́ náà, 120,000 náírà ni ì bá san. 8,400 náírà ti bọ́ sọ́nù nìyẹn. Bí oníṣòwò náà bá sì wà lókè òkun, àwọn báńkì kan ṣì lè yọ owó iṣẹ́ tiwọn lórí rẹ̀.

Ìṣirò pípín yìí ló ń tú àṣírí náà. Ẹni tí kò bá mọ iye tí báńkì rẹ̀ ń ṣẹ́ dọ́là lè wo àtẹ̀jíṣẹ́ ìgbà tó rajà kẹ́yìn, kó fi iye dọ́là pín náírà tí wọ́n yọ, tàbí kó bi báńkì náà léèrè.

Òfin Visa àti Mastercard ni pé oníṣòwò gbọ́dọ̀ fún oníbàárà láàyè láti yàn, kó sì fi iye tó fẹ́ fi ṣẹ́ owó náà hàn án. Síbẹ̀, àwọn ojú ewé mìíràn máa ń ti fa àmì sí "NGN" sílẹ̀. Ẹni tí kò bá yí i padà sí "USD" kó tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó ti gbà nìyẹn.

Tẹni tó ń lo káàdì àkáǹtì dọ́là tún burú jù. Bó bá mú náírà, oníṣòwò yóò ṣẹ́ dọ́là sí náírà, báńkì yóò sì tún ṣẹ́ náírà náà padà sí dọ́là. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò pàdánù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ilé-iṣẹ́ tó fi náírà dá iye ọjà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí owó kankan tí wọ́n ń ṣẹ́ níbẹ̀.