Ìṣirò Oníṣájì Àjàó Ẹ̀sìtéètì

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà. Fóònù pọ̀ sí i, iná ìjọba kò pọ̀ sí i. Bí ṣájì fóònù ṣe di òwò ní Àjàó Ẹ̀sìtéètì àti káàkiri Èkó nìyẹn: tábìlì kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n sọ ní "mo sàn ju aládùúgbò mi lọ." Oníṣájì á lẹ nọ́ńbà mọ́ fóònù rẹ, á sì fún ọ ní èkejì rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ nù, àríyànjiyàn dé nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ yìí ń gbé nǹkan bíi 650 wáàtì. Fóònù àtijọ́ kan kì í gbà ju 5 lọ, nítorí náà ọgbọ̀n fóònù kò ju 150 lọ. Epo tí fóònù kan ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ èrò ni èrè.

Fọ́tòkọ́pì kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ló fi ń lẹ yíǹkì mọ́ bébà, ó sì lè gbà ju 1000 wáàtì lọ. Bí a bá fi í sí jẹnẹrétọ̀ kékeré, gílóòbù á ṣe bàìbàì, jẹnẹrétọ̀ á kú. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ló nílò.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, líta kan ní Èkó fò kọjá ₦480. Láti ìgbà náà, oníṣájì tí èrò rẹ̀ kò bá pọ̀, epo ló ń ṣiṣẹ́ fún.