Ta Ló Ní Kí Obìnrin Fá Irun Ẹsẹ̀?

Nílé Mùsùlùmí ní Igbó-Ọrà àti Ẹ̀rúwà, òfin irun ara ti wà tipẹ́. Hádíìsì kan tí Anas sọ, tó wà nínú àkójọ Mùsílímù, ní kí irun abíyá àti irun abẹ́ má kọjá ogójì ọjọ́ láìjẹ́ pé a mú un kúrò. Tọkùnrin tobìnrin lòfin yìí dè. Ọkùnrin tún ní láti gé túbọ̀mu, kó sì dá irùngbọ̀n sí. Òfin yìí ò dárúkọ irun ẹsẹ̀ rárá.

Níbo wá ni ti ẹsẹ̀ ti wá? Ọjà ló gbé e wá. Lọ́dún 1904, King Gillette gba ìwé àṣẹ lórí abẹ aláwẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tó ń fá irùngbọ̀n ló ń rà á. Lọ́dún 1915, iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé abẹ obìnrin jáde, nítorí aṣọ aláìlápá ti ń fi abíyá hàn. Nígbà tí etí aṣọ sókè, ó kan ẹsẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì sọ ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù di ọ̀wọ́n, ẹsẹ̀ wà níhòòhò, fífá wá di dandan.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá pe ọmọbìnrin onírun lẹ́sẹ̀ ní ọ̀bùn, kó má fi ẹ̀sìn bojú. Àwọn tó ń ta abẹ ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ náà. Láàrin wa níbí, àwọn tó ń yin irun ẹsẹ̀ obìnrin pé ó dùn ún wò ṣì wà.