Òfin ìwà iṣẹ́ dókítà

Dókítà ilé ìwòsàn ńlá Ìdó-Èkìtì àti ti ilé ìwòsàn aládàáni ní Ìkọ̀lé wà lábẹ́ òfin ìwà kan náà. Títú àṣírí aláìsàn tàbí pípolówó ara ẹni lòdì sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn yóò kọ ìwé ẹ̀sùn pẹ̀lú ìwé ìbúra. Àwọn olùwádìí á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sùn náà wò. Bó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó di ti ìgbìmọ̀ onídàájọ́. Wọ́n lè bá dókítà wí, wọ́n lè dá a dúró fún oṣù 6 ó pẹ́ tán, tàbí kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà. Èyí ló burú jù: kò ní lè ṣiṣẹ́ dókítà níbikíbi ní Nàìjíríà. Àmọ́ ìgbìmọ̀ náà lè ṣi ẹjọ́ dá. Ní 1968, Kóòtù Gíga Jùlọ fagi lé ìdájọ́ wọn lórí Dókítà Denloye, torí wọn kò jẹ́ kó rí ẹ̀rí tí àwọn olùwádìí gbà.