Ọgbọ́n Ni tàbí Àkọsẹ̀bá? Ìtàn Ẹjọ́ Ìdíje Ẹgbẹ́ Àfinúdá ní Ìpínlẹ̀ Niúyọ́ọ̀kì

Láwùjọ Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀tọ̀ ni tẹ́tẹ́. Bí ènìyàn bá jẹ ayò, ọgbọ́n orí rẹ̀ ni a ń yìn. Bí ó bá jẹ tẹ́tẹ́, a ó ní oríire ló ṣe é. Eré kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó dúró sí ààlà àwọn méjèèjì. Ẹjọ́ rẹ̀ ní Niúyọ́ọ̀kì, láti ọdún 2016 sí 2022, ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Nínú ìdíje ẹgbẹ́ àfinúdá, olùdíje kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Yóò ṣa àwọn eléré gidi láti inú oríṣiríṣi ẹgbẹ́, yóò sì kó wọn jọ sórí ìwé bí ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí àwọn eléré náà bá ṣe lórí pápá ni a ó sọ di máàkì fún un. Ní ọdún 1980, Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá irú rẹ̀ kan sílẹ̀ lórí eré bésìbọ́ọ̀lù. Iye owó kan náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti fi ra eléré, odidi sáà eré kan sì ni ìdíje náà fi ń lọ. Gígùn sáà yìí ṣe pàtàkì: bí eléré kan bá fara pa lónìí, ọ̀pọ̀ oṣù ṣì wà tí ẹni tó mọ eléré ṣà yóò fi gbérí padà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2006, èyí tó dí ọ̀nà owó tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, yọ ìdíje yìí sílẹ̀ lábẹ́ àwọn àdéhùn kan. Èyí tó kan owó ni pé a gbọ́dọ̀ kéde ẹ̀bùn ṣáájú, kí ó má sì dá lórí iye ènìyàn tó wọlé tàbí owó tí wọ́n san. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí olùdíje kò bá pé iye tí iléeṣẹ́ ń retí, iléeṣẹ́ ni yóò fi owó tirẹ̀ dí àlàfo. FanDuel (2009) àti DraftKings (2012) wá gé sáà eré náà kúrú sí ọjọ́ kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí àkókò bá ṣe kúrú tó ni àkọsẹ̀bá ṣe ń lágbára tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò. Ká ní ènìyàn 100 san owó ìwọlé dọ́là 10, dọ́là 1,000 ni gbogbo rẹ̀. Iléeṣẹ́ mú 100, ó ku 900. Àwọn 50 tó ṣe dáadáa jù gba dọ́là 18 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní ju oríire lọ yóò máa yege ní ìdajì ìgbà. Bí ó bá wọ irú ìdíje yìí nígbà 100, yóò san 1,000, yóò gba 900. Kí ènìyàn tó jèrè, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ yege nígbà 56. Ẹni tó yege nígbà 60 yóò jèrè dọ́là 80. Nínú ìdíje kan ṣoṣo, ta ni ó lè dá onígbà 50 mọ̀ yàtọ̀ sí onígbà 60? Kò sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń fi ọgbọ́n hàn.

Anette Hosoi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú èrò yìí nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018: wọ́n pín àkọsílẹ̀ olùdíje sí méjì, wọ́n sì wò ó bóyá ẹni tó yege nínú apá kìíní yóò yege nínú ìkejì. Wọ́n rí i pé ọgbọ́n borí. Ṣùgbọ́n FanDuel ni ó pèsè àkọsílẹ̀ náà, ó sì yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn. Ìṣirò mìíràn tí iléeṣẹ́ McKinsey ṣe lórí ìdajì àkọ́kọ́ sáà bésìbọ́ọ̀lù ọdún 2015 fi hàn pé ìdá 91 nínú 100 èrè lọ sọ́wọ́ ìdá 1.3 péré nínú àwọn olùdíje. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ àwọn díẹ̀ ló wà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Eric Schneiderman, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Niúyọ́ọ̀kì, pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ méjèèjì dẹ́kun gbígba owó níbẹ̀. Ní ọdún 2016 ni ìpínlẹ̀ náà ṣòfin tó gbà wọ́n láyè, àwọn ará ìlú kan sì gbé e lọ sílé-ẹjọ́ pé ó tako òfin-ìpìlẹ̀ tó ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀. Wọ́n jàre ní ilé-ẹjọ́ méjì àkọ́kọ́, ní 2018 àti 2021. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà yí i padà: adájọ́ mẹ́rin nínú méje gbà pé ìdíje láàárín àwọn tó ń ṣa eléré ni èyí, ọgbọ́n ìṣàyàn ló sì ń pinnu rẹ̀. Rowan Wilson, tí kò fara mọ́ wọn, tẹnu mọ́ ọn pé olùdíje kò ní agbára kankan lórí ohun tí eléré yóò ṣe lórí pápá. Lójú tiwa, méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́: àwọn kan ń wo ọ̀pọ̀ ìdíje, èkejì ń wo ẹyọ kan.

Ohun kan wà nínú òfin 2016 náà tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Ó ní kí iléeṣẹ́ fi àmì sára orúkọ gbogbo ẹni tó bá ti wọ ìdíje tó ju 1,000 lọ, tàbí tó ti gba ẹ̀bùn tí kò dín ní dọ́là 1,000 ní ìgbà tó ju mẹ́ta lọ, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ ẹni tó ń bá díje kó tó san owó ìwọlé.