Ibo Ni 28 Yẹn Ti Wá?

Níbi ìpàdé lórí owó oṣù la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá wa kan: ìwádìí ti fi hàn pé iṣẹ́ pùrógíráámà tó dára jù jẹ́ ìlọ́po 28 ti ẹni tó gbẹ̀yìn. A ní níbo ló ti rí i? Ó dárúkọ ìwé kan. A ṣí i, ìwé míì ló tọ́ka sí. A ṣí ìyẹn náà, òun tún tọ́ka sí òmíràn. Àgbọ́sọ ni gbogbo wọn. Ìgbà tá a dé ìdí ẹ̀ la bá àpilẹ̀kọ tí Sackman, Erikson àti Grant gbé jáde lọ́dún 1968 nínú Communications of the ACM.

Ká sòótọ́, 28 wà níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń rí èsì lójú ẹsẹ̀, máa tètè rí àṣìṣe inú kóòdù rẹ̀ ju ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó padà wá gba èsì. Pùrógíráámà 12 tó ti nírìírí ni wọ́n kó jọ. Ètò méjì ni kálukú kọ: ó fi ọ̀nà àkọ́kọ́ tún ọ̀kan ṣe, ó fi ọ̀nà kejì tún ìkejì ṣe.

Nínú ètò tó jẹ mọ́ áljẹ́bírà, ẹni tó pẹ́ jù lo wákàtí 170 láti fi wá àṣìṣe, ẹni tó yára jù lo 6. Ẹ fi 6 pín 170, ẹ máa rí 28. Àbí ẹ ò rí i? Ẹni méjì péré ni nọ́ńbà yẹn sọ̀rọ̀ wọn, èyí tó wà lókè pátápátá àtèyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹnì kan bá ṣe kongẹ́ wàhálà lọ́sẹ̀ yẹn, nọ́ńbà náà á fò sókè.

Yàtọ̀ síyẹn, àwọn 12 náà ò ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Àwọn 6 ń rí èsì lójú ẹsẹ̀, àwọn 6 ń dúró dè é. Ìpíndọ́gba àwọn tó ń rí i lójú ẹsẹ̀ jẹ́ wákàtí 34.5, tàwọn tó ń dúró sì jẹ́ 50.2. Àwọn kan tún fi èdè ẹ̀rọ kọ tiwọn, nígbà táwọn yòókù lo èdè tó rọrùn jùyẹn lọ. Wọ́n da gbogbo wọn pọ̀ kí wọ́n tó pín in. Lọ́dún 1999, Lutz Prechelt padà tú àwọn nọ́ńbà náà wò, ó sì sọ pé 28 yẹn ò tọ̀nà, ó sì ń ṣini lọ́nà.

Torí náà, àwọn tó ṣàdàkọ rẹ̀ ò parọ́ nọ́ńbà. Ohun tó yí i ká ni wọ́n gé kúrò: ènìyàn mélòó, kí ni wọ́n wọ̀n, irinṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ wọn. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwa pùrógíráámà lóòótọ́, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wákàtí tẹ́nì kan fi wá àṣìṣe nínú ètò kan ò tó ohun tí wọ́n á fi díwọ̀n owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ohun tá a padà lọ sọ nípàdé kejì nìyẹn.